Òṣìkà tí kì í sú ọmọdé: ohun tí Ananse àti ọba Agorkoli lè kọ́ àwọn tó ń ṣe eré kàtúùnù

Ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń jókòó ti àwọn ọmọ yín nídìí tẹlifíṣọ̀n á ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Nígbà tí òṣìkà inú eré, ẹni tí àwọn ọmọ wa ń pè ní bọ́ọ̀sì, bá kọ́kọ́ yọ jáde, ọmọ á fà mọ́ yín lára, á fi ìrọ̀rí bojú. Lọ́sẹ̀ kejì, á ṣì máa wò ó tìṣọ́ra tìṣọ́ra. Nígbà tó bá fi máa di apá karùn-ún, òṣìkà náà lè máa bú bíi kìnnìún, ọmọ yín ń jẹ gúgúrú tirẹ̀, ó sì ń bá àbúrò rẹ̀ jìjàdù ìjókòó. Ìpayà ti tán lára ọkùnrin náà. Bí òǹwòran kò bá sì bẹ̀rù òṣìkà mọ́, kò ní bẹ̀rù nítorí ẹni tí òṣìkà ń lé kiri.

Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Òṣìkà inú fíìmù ẹlẹ́ẹ̀kan máa ń ṣẹ́gun títí tí fíìmù á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì máa ń ṣubú. Ti eré alápá púpọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn gbọ́dọ̀ parí lọ́sẹ̀ yìí, nítorí náà wọ́n á nà án. Eré gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà á tún padà wá. Ẹni tí a ń nà lójú ọmọdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ta ni yóò máa bẹ̀rù rẹ̀?

Àwọn tó ń ṣe kàtúùnù ní ilẹ̀ òyìnbó ti gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà láti bọ́ nínú okùn yìí. Chuck Jones àti òǹkọ̀wé rẹ̀, Michael Maltese, tí wọ́n gbé ìkookò abẹ̀bi-pa-kiri náà, Wile E. Coyote, jáde ní 1949, gbà tọkàntọkàn pé kò ní bani lẹ́rù. Wọ́n sọ ọ́ di ẹni tí ebi ń pa tí gbogbo pańpẹ́ tó bá dẹ ń padà mú òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n ń tà, wọn ò ta ìbẹ̀rù, ọjà wọn sì tà. Àwọn tó ṣe Inspector Gadget ní 1983 gba ọ̀nà mìíràn: wọn ò jẹ́ kí á rí ojú Dọ́kítà Claw. Ọwọ́ onírin rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti ológbò rẹ̀ nìkan la ń rí. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n mo rò pé ó ní ibi tó mọ. Ojú tí a fi pamọ́ lè mú kí ọmọdé fẹ́ mọ ẹni náà. Kò lè mú kó bẹ̀rù ohun tí ẹni náà máa ṣe bí ó bá ti mọ̀ pé kì í rí nǹkan kan ṣe.

Ní tèmi, ìdáhùn tó dára ju méjèèjì lọ ti wà ní Gánà láti ọjọ́ pípẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà síwájú ní Àkrà láti ya àwòrán tó ń rìn. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tí bàbá àgbà wọn ṣòwò ní Gánà, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbòho, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì tí wọ́n padà wálé lẹ́yìn òfin ọdún 1969, mọ orúkọ Ananse dáadáa. Aláǹtakùn ni, òun ni Ìjàpá àwọn Akan. Bí àwa ṣe ń pàlọ́ Ìjàpá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pa ìtàn tirẹ̀, tí wọ́n sì ń pe gbogbo ìtàn bẹ́ẹ̀ ní anansesem, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ananse, kódà nígbà tí Ananse ò bá sí nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé Ananse kì í ṣe òṣìkà, pé ẹlẹ́tàn lásán ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ wò. Ohun tí mo fẹ́ kí á wò lára rẹ̀ ni bí ó ṣe jẹ́ pé láti ìran dé ìran, àwọn tó ń gbọ́ ìtàn rẹ̀ lálaalẹ́ mọ ohun tó ń wá, síbẹ̀ wọn kì í mọ ọ̀nà tó máa gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn rẹ̀ tó lókìkí jù, èyí tí Rattray kọ sínú ìwé ìtàn àròsọ Akan tó tẹ̀ jáde ní 1930. Ananse fẹ́ ra gbogbo ìtàn ayé lọ́wọ́ Nyame, Ọlọ́run ọ̀run. Nyame ní kó mú òjòlá wá, kó mú agbọ́n wá, kó mú ẹkùn wá, kó sì mú ọ̀kan nínú àwọn iwin kéékèèké inú igbó tí wọ́n ń pè ní mmoatia wá. Tí a bá fi ojú ẹni tó ń ṣe kàtúùnù wò ó, apá mẹ́rin nìyẹn, ẹni kan náà ló ń dẹ pańpẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Fún òjòlá, Ananse gé igi, ó mú okùn dání, ó sì ń bá ìyàwó rẹ̀ Aso jiyàn sókè pé òjòlá gùn ju igi yìí lọ, pé kò gùn tó o. Òjòlá gbọ́, ó ní kí wọ́n wá wọn òun. Ó na ara rẹ̀ sórí igi, wọ́n sì dì í mọ́ ọn. Fún agbọ́n, Ananse da omi sórí ara rẹ̀ àti sórí ilé agbọ́n, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ borí bí ẹni tí òjò ká mọ́, ó ní kí wọ́n tètè wọ inú akèrègbè òun kí òjò má baà pa wọ́n. Wọ́n wọlé, ó dé e. Ẹkùn ní tirẹ̀ jìn sínú kòtò tí Ananse gbẹ́ sójú ọ̀nà. Fún iwin, ó gbẹ́ ọmọláńgidi, ó fi oje igi kun ún lára, ó sì fi iṣu gígún sí i lọ́wọ́. Iwin jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ọmọláńgidi kò dá a lóhùn, inú bí i, ó gbá a létí. Ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Àwa náà mọ ère alóje yẹn nílé, àbí kí ló mú Ìjàpá nínú oko olóko?

Ẹ wo ohun tí kò yí padà: Ananse fẹ́ gba ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, kò sì ní lo agbára. Ẹ wá wo ohun tó yí padà. Kì í ṣe ohun ìjà Ananse ló tóbi sí i láti apá kan sí èkejì. Ẹni tó ń mú ló yí padà, ilẹ̀kùn tó sì ń gbà wọlé jẹ́ ti ẹni náà fúnra rẹ̀. Ìgbéraga òjòlá ló mú òjòlá. Ìbẹ̀rù òjò ló mú agbọ́n. Ìbínú ló mú iwin. Olùgbọ́ tó mọ̀ pé Ananse ń bọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni tí wọ́n fẹ́ mú, á máa wá ibi tí ara ti máa jẹ ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìpayà ń gbé, nítorí ọmọ tó ń gbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara tirẹ̀ náà.

Èyí ló fà á tí mo fi gbà pé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú eré alápá púpọ̀ ni kí òṣìkà máa pọ̀ ní agbára lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ó fẹ́ fọ́ ilé ìwé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó fẹ́ fọ́ ìlú. Lẹ́yìn náà, ayé. Nígbà tí ayé bá ti wà nínú ewu nígbà mẹ́ta tí kò sì ṣẹlẹ̀ sí i, ọmọdé ti ní ẹ̀rí pé kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ bí ayé ṣe tóbi tó. Ohun tó mọ̀ ni kí wọ́n fi ẹ̀sùn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kàn án, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má bá a sọ̀rọ̀ mọ́, kí ó ṣèèṣì jẹ́jẹ̀ẹ́ tí kò lè mú ṣẹ. Òṣìkà tó bá rí èyí lò kò nílò ìbọn.

Ó tún ní ti owó nínú. Kí òṣìkà tó lè rìn, wọ́n á kọ́kọ́ yà á láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn àti ní ìdajì-ìyípo, pẹ̀lú bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa rí fún ohùn kọ̀ọ̀kan àti bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí nínú ìbínú, nínú ẹ̀rín àti nínú ìyàlẹ́nu. Apá tó gba ìṣẹ́jú 11 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 660. Bí wọ́n bá ń fi ọwọ́ ya àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, àwòrán 7,920 nìyẹn fún ẹnì kan ṣoṣo tí kò bá kúrò lójú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣe ọmọláńgidi inú kọ̀ǹpútà tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé tún lò. Bí òǹkọ̀wé bá wá ń fún òṣìkà ní ẹ̀wù tuntun àti ẹ̀rọ tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lè dà bí ẹni tuntun, ńṣe ló ń dá iṣẹ́ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òṣìkà rí àìlera tuntun lára ẹlòmíràn kò gba àwòrán kankan. Ìwé àti gègé ló gbà.

Ó ku ìṣòro kejì, ti ìjákulẹ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Fún èyí, mo máa kúrò lọ́dọ̀ Ananse, mo máa kọjá sọ́dọ̀ òṣìkà pọ́ńbélé kan, ọba Agorkoli ti Notsé, ìlú tó wà ní Tógò òní. Àwọn Éwé ìlà oòrùn Gánà ló ni ìtàn náà, àwọn kan nínú wọn sì ń sọ pé àwọn ti gba Kétu kọjá kí wọ́n tó dé Notsé, nítorí náà kò jìnnà sí wa rárá. Ilé iṣẹ́ AnimaxFYB ti Francis Y. Brown ní Àkrà ti fi ìtàn Agorkoli ṣe eré kàtúùnù. Kì í ṣe eré yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí o. Ìtàn àtẹnudẹ́nu náà fúnra rẹ̀ ni, nítorí ó dà bíi pé wọ́n ṣe é fún eré alápá púpọ̀.

Wọ́n ní Agorkoli pàṣẹ kí wọ́n pa àwọn àgbààgbà ìlú. Àwọn ènìyàn fi ọ̀kan pamọ́. Ó ní kí wọ́n fi amọ̀ hun okùn. Ó ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ po amọ̀ tí a da ẹ̀gún sí, láti fi mọ odi. Odi náà ga, ó nípọn, ó yí ìlú ká. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, àwọn obìnrin ń da omi ìdọ̀tí sí ojú kan náà lára ògiri lójoojúmọ́ títí tó fi rọ̀, wọ́n lu ibẹ̀ ní òru, wọ́n jáde, wọ́n sì fi ẹ̀yìn rìn kí ipasẹ̀ wọn lè dà bíi ti ẹni tó ń wọ ìlú bọ̀. Ìrántí ìjádelọ yìí ni ọdún Hogbetsotso tí wọ́n ń ṣe ní Anloga ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá.

Ká sọ pé a fẹ́ ṣe é ní apá mẹ́fà. Ohun àkọ́kọ́ ni kí á kọ ohun tí ọba ń fẹ́ sí gbólóhùn kan, kí gbólóhùn náà má sì yí padà títí eré á fi parí. Mo máa kọ ọ́ báyìí: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ jù ú lọ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò lọ́dọ̀ òun. Gbogbo àṣẹ rẹ̀ ti inú gbólóhùn yìí jáde. Ó pa àgbà nítorí àgbà ń rántí ohun tí ọba fẹ́ kí a gbàgbé. Ó mọ odi nítorí ẹsẹ̀ ènìyàn ń dẹ́rù bà á. Òǹkọ̀wé tí kò bá lè tọ́ka sí gbólóhùn yìí nínú àṣẹ kan, kó yọ àṣẹ náà kúrò, bó ti wù kó dùn ún tó.

Lẹ́yìn náà, fún apá kọ̀ọ̀kan, a máa kọ ohun méjì: ohun tí àwọn ará ìlú jèrè, àti ohun tí ọba mú lọ tí kò ní padà. Èyí kejì ni ọ̀pọ̀ eré máa ń gbàgbé. Ní apá kìíní, àwọn ènìyàn gba àgbà kan là. Ọba mú gbogbo àwọn yòókù lọ. Láti ìgbà náà, bí ọmọdé inú eré bá ní ìbéèrè, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè dáhùn, ẹni náà sì wà ní ìkọ̀kọ̀. Ní apá kejì, ọba ní kí wọ́n fi amọ̀ hun okùn. Àgbà tó wà ní ìkọ̀kọ̀ fi ọgbọ́n kọ́ wọn: ẹ lọ sọ fún un pé kó fún yín ní okùn amọ̀ àtijọ́ kan kí ẹ lè wò ó ṣe tuntun. Ọba kò rí èsì. Ọmọdé tó ń wò á pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ wà rè é. Bí apá kejì bá parí sórí àtẹ́wọ́ yẹn, ọba ti di òmùgọ̀, kò sì ní dẹ́rù bani mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó dákẹ́ díẹ̀, kó má bínú, kó kàn béèrè pé: ta ló kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ yìí? Ìbéèrè yẹn ni ohun tó mú lọ. Àwọn ènìyàn borí, ṣùgbọ́n nípa bíborí, wọ́n ti fi hàn án pé àgbà kan ṣì wà láàyè. Apá kẹta ti bẹ̀rẹ̀ kí èkejì tó parí: ọba kò ní wá amọ̀ mọ́, ó ń wá ènìyàn. Ẹ̀gún inú amọ̀ á wá ní ìtumọ̀ mìíràn, torí pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya kò lè sáré lọ kìlọ̀ fún ẹni tó wà ní ìkọ̀kọ̀. Mo ṣe àfikún tèmi níbẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu kò so àwọn àṣẹ náà pọ̀ báyìí. Síbẹ̀ ohun tí eré alápá púpọ̀ ń béèrè nìyẹn, kí òṣìkà kọ́ nǹkan nínú ìjákulẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú àṣẹ apá kẹta, ẹ fi sí apá karùn-ún, ẹ mú ti karùn-ún padà sí ẹ̀kẹta. Bí ìtàn bá ṣì ń lọ geere láìsí pé ẹ tún ọ̀rọ̀ kankan kọ, òṣìkà yín kò kọ́ nǹkan kan, ńṣe ló kàn ń yí aṣọ. Ti odi Agorkoli kò ṣeé yí bẹ́ẹ̀. Ọba tí kò tíì mọ̀ pé ẹnìkan ń tan òun kò ní ìdí láti mọ odi tó ga tó bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò kejì nílò ọmọdé. Kí àwòrán gidi tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń ṣe eré máa ń to àwòrán ṣákálá tí kò rìn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn pẹ̀lú ohùn, kí wọ́n lè rí bí apá náà ṣe máa gùn tó. Ẹ fi èyí han ọmọ mélòó kan, ẹ dá a dúró ní ìdajì, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: kí ni ọba yìí ń fẹ́? Báwo ló ṣe máa gbà á? Bí wọ́n bá dáhùn méjèèjì láìtàsé, òṣìkà náà ti ṣá. Bí wọn kò bá lè dáhùn ọ̀kankan, kì í ṣe òṣìkà lẹ ní, ariwo lẹ ní, nítorí ènìyàn kì í bẹ̀rù ohun tí kò yé e rárá. Ó kàn máa ń dà á láàmú ni. Èyí tí a ń wá ni ọmọ tó dáhùn ìbéèrè kìíní kíákíá, tó wá dákẹ́ lórí èkejì, tó sì sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Nípa bí yóò ṣe rí lójú, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Kí ọmọdé lè dá a mọ̀ bí ó bá jẹ́ òjìji rẹ̀ nìkan ló yọ lára ògiri. Kí ó má máa yọ jáde jù. Nínú apá oníṣẹ́jú 11, ìṣẹ́jú méjì tó ṣe gbẹdẹgbẹ́yọ̀ dára ju mẹ́jọ tó ń pariwo lọ, owó àwòrán á sì tún dín kù.

Orin ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí àwa àti àwọn Akan jọ ní in. Nínú anansesem, olùgbọ́ lè dá apàlọ́ dúró kó dá orin, wọ́n ń pe orin bẹ́ẹ̀ ní mmoguo, gbogbo ilé á sì gbè é. Efua Sutherland mú àṣà yìí wọ inú eré orí ìtàgé ní Gánà, ó wà nínú eré rẹ̀, The Marriage of Anansewa, tó tẹ̀ jáde ní 1975. Òṣìkà lè ní orin kúkúrú tirẹ̀, èyí tí ọmọdé á tètè mọ̀. Ní apá kìíní, ọba ló ń kọ ọ́. Ní ìkẹta, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń po amọ̀ ló ń kọ ọ́ nítorí wọ́n fipá mú wọn. Ní ìkarùn-ún, kí ọmọbìnrin tí a fẹ́ràn jù nínú eré máa gbálẹ̀, kí ó máa fi imú kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ láìmọ̀. Ọba ò sí lójú rárá. Kò sí ìdà, kò sí ariwo, ohùn orin náà kò sì yí padà. Ẹni tó ń kọ ọ́ ló yí padà, òbí tó bá jókòó síbẹ̀ á mọ̀ pé ara ọmọ òun ti le gírígírí.

Ohun kan tó kù ni bí yóò ṣe parí. Ẹ rántí pé nínú ìtàn Notsé, wọn kò pa Agorkoli. Wọ́n kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìpín kejì, ẹ̀bùn nìyẹn: ọba dúró sẹ́nu ihò tí omi àwọn obìnrin lu sára ògiri, ó ń wo ipasẹ̀ tó wọ ìlú rẹ̀, tí kò sì rí ẹnì kan nínú ìlú. Ó tẹ̀ba, ó fi ìka kan ipasẹ̀ náà, ó rí i pé ọmọ ìka ló jìn wọnú ilẹ̀ ju gìgísẹ̀ lọ. Ó gbé ojú sókè, ó kọjú sí ìhà tí wọ́n gbà lọ.